Ìyàwó mi kọ́ àkànlò èdè nínú ìwé, ìsìnkú bàbá wa sì ń bọ̀

Ọkọ Ọmọ Ígálà, Kàbbà

Ẹ kú ilé o. Ìdàh ni wọ́n ti bí ìyàwó mi. Ó ti ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ ó ra ìwé àkànlò èdè kan lọ́jà, gbogbo ohun tó bá rí níbẹ̀ ló fẹ́ máa sọ. Bàbá wa ṣaláìsí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni ọdún 88. Sátidé tó ń bọ̀ la máa sin wọ́n. Ohun tó ti kọ sílẹ̀ pé òun máa wí fún màmá mi àtàwọn ẹ̀gbọ́n mi nìyí: "Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Mo gbọ́ pé bàbá wàjà. Erin wó. Ẹ̀yin náà á rebi àgbà ń rè." Ṣé kí n jẹ́ kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Báwo lẹni tó ń kọ́ èdè ṣe ń mọ èyí tó yẹ kó lò, àti ìgbà tó yẹ?

---

Dírẹ́bà Ọ̀nà Lọ́kọ́jà

Jẹ́ kó sọ ọ́, jàre. Obìnrin tó ti Ìdàh wá tó mọ "wàjà", ṣé kò yẹ ká pàtẹ́wọ́ fún un ni? Ohun tí mo mọ̀ ni pé a kì í pe àgbàlagbà ní ẹni tó "kú". Ewúrẹ́ ló ń kú. Bátìrì fóònù ló ń kú. Iná mọ̀nàmọ́ná ń kú lójoojúmọ́ ní Kàbbà níbí. Ènìyàn ńlá ń wàjà ni, wọ́n ń gbẹ́mìí mì, wọ́n ń ta téru nípàá. Bàbá ẹni ọdún 88 kì í ṣe ọmọdé. Èyí tó wà lẹ́yìn yẹn nìkan ló ń kọ mí lóminú díẹ̀, èyí tó ní "ẹ̀yin náà".

---

Tísà Mọ́pà

Ó yẹ kó kọ ọ́ lóminú gan-an. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé àṣìṣe tó wà nínú gbólóhùn kan yàtọ̀ sí ti èkejì.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù" dára. Kò sí ohun tó ṣe é. Tọmọdé tàgbà ló ń lò ó, ọlọ́jà ń lò ó, àjèjì ń lò ó, a sì ń fi kí ẹni tí bàbá rẹ̀ dàgbà àti ẹni tí èyí tó ṣẹlẹ̀ sí i burú. Ẹni tó ń kọ́ èdè kò lè fi í ṣìwà hù. Kí ìyàwó rẹ kúnlẹ̀, kó sọ ọ́, kó dúró kí wọ́n dá a lóhùn.

"Bàbá wàjà" kò ṣeé sọ. Ọba ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Bí Ọbáró Kàbbà bá wàjà, a ó sọ pé Ọbáró wàjà. Bí Agbana Ìsánlú bá wàjà, bákan náà. Bàbá tó jẹ́ àgbẹ̀, tó bímọ, tó rí ọmọ ọmọ, tó dàgbà tó 88, bàbá iyì ni, ṣùgbọ́n kò jọba. Dírẹ́bà rò pé ọ̀rọ̀ ọlá ni, ó sì tọ̀nà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ọlá gbogbo àgbà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó ilé máa wo ojú ìkejì rẹ̀ ni, torí pé ó jọ ìgbà tí wọ́n ń fi bàbá olóògbé ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mo gbọ́ pé" náà kò dára. Àjèjì ló ń gbọ́. Ìyàwó ilé wà nínú ilé tí wọ́n ti ń sunkún, òun ló ń gbé omi kalẹ̀ fún àwọn tó ń wá kíni. Tó bá sọ pé òun gbọ́, ó ti fi ara rẹ̀ sí ìta nìyẹn.

"Erin wó" jẹ́ ọ̀rọ̀ alága ètò àti ọ̀rọ̀ ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Nínú yàrá, níwájú opó, kò sí ẹni tó ń wí bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀yin náà á rebi àgbà ń rè" ni kó fi ọ̀bẹ gé kúrò pátápátá. Ó mọ̀ pé "rebi àgbà ń rè" ni ọ̀nà tó níyì láti sọ pé àgbà kan ti lọ, ìyẹn ló jẹ́ kó fẹ́ fi súre. Ohun tí màmá máa gbọ́ ni pé ìyàwó ọmọ òun ń sọ pé òun ló kàn. Kò sí bó ṣe lè ṣàlàyé ìyẹn lọ́jọ́ náà.

---

Ìyá Fọlá

Tísà, ẹ ṣeun o. Ọmọ mi máa ṣe Wáẹ́ẹ̀kì lọ́dún yìí, ó sì ti ń há àkànlò èdè sórí. Ṣé ẹ lè sọ èyí tó máa jáde? Mo ní kó há "ta téru nípàá" àti "fẹsẹ̀ fẹ́ẹ" dáadáa. Àbí "ó gbówó lórí" ni wọ́n máa béèrè?

---

Tísà Mọ́pà

Ìyá Fọlá, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó máa jáde. Nínú ìdánwò, ìtumọ̀ ni wọ́n ń wá: ọmọ rẹ rí "ta téru nípàá", ó kọ "kú", ó gba máàkì. Ohun tó wà níwájú ọkọ ọmọ Ígálà yàtọ̀. Ìdánwò kò béèrè bóyá o lè sọ ọ́ lójú ìyá ọkọ rẹ. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó gba máàkì gbogbo nínú àkànlò èdè fi lè wọlé ọ̀fọ̀ kó sì da ilé rú. Ìwé tí obìnrin yẹn rà, wọ́n kọ àkànlò èdè sí apá òsì, wọ́n kọ "kú" sí apá ọ̀tún. Mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló wà lápá òsì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lápá ọ̀tún. Ẹni tó ń kọ́ èdè á rò pé gbogbo wọn jọra, pé kó kàn mú èyí tó wù ú.

---

Ọmọ Yàgbà, Àbújá

Mo fẹ́ ta ko yín díẹ̀, sà. Ìlú tí mo wà, àwọn tó ń kọ́ Yorùbá pọ̀ tó sì jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá sọ ohun tí kò bá a mu, a máa ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á dákẹ́, wọn ò ní tún sọ ọ́ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Tìfì, ó ti pa Yorùbá tì nítorí ẹ̀rín. Bí a bá ní kí ẹni tó ń kọ́ èdè máa dúró títí tó fi mọ ẹni tó yẹ kó sọ ohun tó yẹ fún, ṣé ó máa la ẹnu láé? Kí ló burú tí wọ́n bá jẹ́ kó sọ ọ́ kí wọ́n sì tún un ṣe?

---

Ọlọ́jà Kàbbà

Ọmọ Yàgbà, ibi tí a ti ń sọ ọ́ ló ṣe pàtàkì. Ọmọ Ẹ̀bìrà ni mí, iṣu ni mò ń tà, Yorùbá ni mo fi ń tà á. Lọ́jà, ẹnì kan á sọ̀rọ̀ tó bá wọgbó, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sì fi iṣu kún un. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ilé ọ̀fọ̀ kì í ṣe ọjà.

Mo ní ìtàn kan. Àgùnbánirọ̀ kan wá sí ọ̀dọ̀ mi. Àwọn wọ̀nyẹn, tí wọ́n bá ti kúrò ní ìpàgọ́ ní Asáyà, ọjà wa ni wọ́n ń wá. Ó ní kí n ta iṣu méjì fún òun. Mo dá owó lé e. Inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Màmá, iṣu yín, owó pọ́ọ́kú ni!" Ó rò pé òun ń yìn mí ni. Ẹnu yà mí. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yíjú wá, wọ́n ń wò bóyá iṣu mi ti ń rà. Ẹni tó ń tajà kì í fẹ́ kí oníbàárà pariwo pé "pọ́ọ́kú" lójú àwọn tó kù, torí pé ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni pé ó ti tà á dànù. Ẹni tó ń rà ló ń sọ ọ́ nígbà tó bá délé: "mo rà á ní owó pọ́ọ́kú." Ọ̀rọ̀ ilé ni fún ẹni tó rà, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjà ní ojú ìsọ̀.

Ṣùgbọ́n "ó gbówó lórí" dára fún un láti sọ lójú mi. Gbogbo oníbàárà ló ń sọ ọ́, wọ́n tilẹ̀ ń sọ ọ́ kó tó di pé wọ́n wo iṣu náà. Mi ò bínú, èmi náà á sọ pé "kò gbówó lórí rárá." Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ń kọ́ èdè kò gbọ́dọ̀ béèrè "kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" nìkan. Kó béèrè pé "ta ló máa ń sọ ọ́ nínú wa méjèèjì, èmi tó ń tà àbí ìwọ tó ń rà?"

---

Tísà Mọ́pà

Ọlọ́jà ti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, mi ò ní tún un sọ. Kí n kàn fi ọ̀nà kan kún un tí mo máa ń fi kọ́ àwọn tó bá wá bá mi.

Tí o bá pàdé ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣeé túmọ̀ bó ṣe rí, wo bóyá ọ̀rọ̀ lásán mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń sọ ohun kan náà. Mú "inú mi dùn." Ọmọ Ígálà gbọ́ ọ, ó ní inú dùn bí ṣúgà ni? Rárá, kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ló tún lè fi sọ ọ́? Kò sí èyí tó rọrùn jù ú lọ. "Ojú ń tì mí", "ebi ń pa mí", "ọwọ́ mi dí", "ọkàn mi balẹ̀", bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn. Àwọn wọ̀nyí kò sí nípò yíyàn mọ́. Ẹni tó bá ń kọ́ èdè gbọ́dọ̀ lò wọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tó máa bínú. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé "ebi ń pa mí" jẹ́ àsọdùn, ebi á pa á gan-an ni.

Ìhà kejì ni èyí tí ọ̀rọ̀ lásán wà fún. "Kú" wà, "gbẹ́mìí mì" wà, "wàjà" wà, "papò dà" wà, "jáde láyé" wà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ báyìí fún ohun kan ṣoṣo, ó ní ìdí tí wọ́n fi pọ̀. Àwọn èèyàn ń fi wọ́n ya ẹni sọ́tọ̀: ọba, àgbà, ọmọdé, onígbàgbọ́, ẹni tí a kò fẹ́ràn. Tí o bá mú ọ̀kan nínú wọn, o ti sọ ohun tó ju ikú lọ. O ti sọ irú ẹni tí olóògbé jẹ́, o sì ti sọ ibi tí ìwọ fúnra rẹ dúró sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìyàwó náà kọ́kọ́ mọ èyí tó wà láàárín, tí kò gbé ẹnikẹ́ni ga ju bó ṣe yẹ, tí kò sì rẹ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Fún ikú, "ṣaláìsí" ni. "Bàbá ṣaláìsí." Ó bá bàbá ẹni ọdún 88 mu, ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin mu, ó ṣeé kọ sínú Wàsáàpù, ó ṣeé sọ ní ọ́fíìsì. Ọkọ rẹ̀ gan-an lò ó nínú ìbéèrè rẹ̀ láìrò ó, ẹ wo òkè.

Nǹkan kan ṣì wà tí ìwé kì í sọ. Àkànlò èdè kò gbé ọ̀wọ̀ dání. "Ó papò dà" fún bàbá kò dára tó "wọ́n papò dà." Ẹni tó kọ́ gbólóhùn náà láti inú ìwé á há "ó" sórí mọ́ ọn. Kó kọ́ pé "ó" yẹn kì í ṣe ara rẹ̀, pé òun fúnra rẹ̀ ló máa fi "wọ́n" rọ́pò rẹ̀ tó bá jẹ́ àgbà.

---

Dírẹ́bà Ọ̀nà Lọ́kọ́jà

Mo gbà ti wàjà. Mi ò gbà pé ta téru nípàá kò ṣeé sọ níwájú ìyá ọkọ. Lórí rédíò, nínú ìwé ìròyìn, mo máa ń gbọ́ "àgbààgbà olóṣèlú kan ti ta téru nípàá." Àwọn tó ń ka ìròyìn kò mọ Yorùbá ni?

---

Ọmọ Yàgbà, Àbújá

Èmi náà máa ń gbọ́ ọ nínú ìròyìn. Àmọ́ bàbá mi, tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa olè tí wọ́n yìnbọn pa, ni wọ́n máa ń sọ ọ́, pẹ̀lú ojú tó le. N kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu wọn nípa ẹni tí wọ́n fẹ́ràn.

---

Tísà Mọ́pà

Ẹ̀yin méjèèjì gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Oníròyìn ò mọ olóògbé, ohun tó fẹ́ ni kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má tún ara rẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìròyìn kan. Ìyẹn kò ní kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu ẹni tó wà nílé ọ̀fọ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Mọ́pà, tí a bá ní ẹnì kan ta téru nípàá, ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn wá, tàbí pé a ń pa ìtàn. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ìlú mìíràn á sọ pé kò ṣe nǹkan kan, mi ò sì fẹ́ bá wọn jà. Ẹni tó ń kọ́ èdè kò ní láti wọ inú iyàn yìí rárá. Tí àwọn tó bí èdè náà ò bá fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan, kó gbọ́ ọ, kó mọ̀ ọ́n, kó má tíì sọ ọ́.

---

Ìyá Ìjọ, Ẹ̀gbẹ̀

Mo ń ka yín láti òwúrọ̀. Ẹ gbàgbé ohun tí a ń sọ jù níhìn-ín. Láti 1908 tí Titcombe ti mú ìhìnrere dé Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìjọ ti wọ inú ọ̀rọ̀ wa. Nílé onígbàgbọ́, wọ́n máa ń sọ pé bàbá "sùn nínú Olúwa." Ó wà nínú Bíbélì Yorùbá pé Dáfídì sùn pẹ̀lú àwọn baba rẹ̀, 1 Àwọn Ọba orí 2 ẹsẹ 10. Ọmọ Ígálà tó bá jẹ́ Kristẹni mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀ ní èdè rẹ̀. Kó lò ó tí bàbá bá jẹ́ onígbàgbọ́. Tí bàbá bá jẹ́ mùsùlùmí tàbí oníṣẹ̀ṣe, kó má lò ó, torí pé ó máa dà bíi pé ó ń fi ẹ̀sìn tirẹ̀ sin ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kí ó sì ṣọ́ra. "Bàbá sùn" lásán, láìsí "nínú Olúwa", lè jẹ́ pé bàbá wà lórí ibùsùn.

---

Ọkọ Ọmọ Ígálà, Kàbbà

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ó yà á lẹ́nu, ó ní òun ò mọ̀ pé "ẹ̀yin náà á rebi àgbà ń rè" burú tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́, àwọn èèyàn máa wá kí òun náà "ẹ kú ara fẹ́ra kù", torí pé ìyàwó ilé ni. Kí ló máa fi dá wọn lóhùn? Ìkejì, lójú kan náà, aládùúgbò wa kan pàdánù ọmọkùnrin rẹ̀, ẹni ọdún 23, ìjàǹbá ọkọ̀ lọ́nà Ọbájànà. A máa lọ kí wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ṣé gbólóhùn kan náà ni?

---

Tísà Mọ́pà

Kì í ṣe gbólóhùn kan náà, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe tó burú jù ti máa ń wáyé.

Fún bàbá ẹni ọdún 88, ìsìnkú máa di ìnáwó. Aṣọ ẹbí máa wà, ìlù máa wà, àsè máa wà. Ṣáájú ìsìnkú, "ẹ kú ara fẹ́ra kù." Nígbà àsè, "ẹ kú ìnáwó." Nígbà tí ohun gbogbo bá parí, "ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Ẹni tó bá sọ "ẹ kú ìnáwó" lọ́jọ́ Sátidé, ó ti sọ ohun tó dára, torí pé ó gbà pé bàbá lọ lẹ́yìn tí ó ti jẹ ayé, pé àwọn ọmọ rẹ̀ ló sin ín.

Fún ọmọkùnrin 23, kò sí ìnáwó. Òbí kì í sin ọmọ ní Yorùbá, ọ̀fọ̀ ni. Ẹni tó bá wọlé tó sọ "ẹ kú ìnáwó", bí ọkàn rẹ̀ bá tilẹ̀ dára, ó ti fi ọmọ náà ṣe ẹran àsè. "Ẹ kú ọ̀fọ̀" ni, tàbí "ẹ kú ara fẹ́ra kù", kí ó sì tẹ̀ lé e pé "Ọlọ́run má jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́." Kó má sọ pé ọmọ náà "rebi àgbà ń rè", nítorí kò dàgbà. Kó má sọ pé "wọ́n", torí pé ọmọdé ni níwájú àwọn òbí rẹ̀. Tí ó bá gbọ́dọ̀ dárúkọ ikú náà, "ó ṣaláìsí" tó. Ó tilẹ̀ sàn kó má dárúkọ rẹ̀ rárá. Kó kúnlẹ̀, kó di ìyá ọmọ mú lọ́wọ́. Ẹni tí kò mọ èdè tó kò pàdánù nǹkan kan nílé irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ tó bá dákẹ́.

Ìdáhùn sí ìkíni, ó rọrùn. Kó sọ pé "Ẹ ṣé o, a ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín." Ọmọ tó mọ Yorùbá dáadáa ló sì lè gbàgbé èyí. Nínú ìnáwó aláyọ̀, a máa ń sọ pé "a ó wá bá yín ṣe tiyín." Tó bá sọ ìyẹn fún ẹni tó wá kí i nílé ọ̀fọ̀, èpè ni. Kí ó kọ "a ò ní fi irú ẹ̀ san án" sínú ìwé rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá.

---

Ọlọ́jà Kàbbà

Mo fẹ́ fi èyí kún un fún ìyàwó náà. Ìwé tó rà, kó má dà á nù. Kó mú ìwé kékeré mìíràn, kí ó máa kọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu èèyàn, kó sì kọ ẹni tó sọ ọ́, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún, àti ibi tí wọ́n wà. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Fún àpẹẹrẹ, ó gbọ́ "àárò rẹ ń sọ mí": Ìyá ọkọ sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó, lórí fóònù. Ó mọ̀ báyìí pé ìyá ló lè sọ ọ́ fún ọmọ. Ó tún gbọ́ "ara mi ò dá" lẹ́nu ìyàwó bíi tirẹ̀, níwájú dókítà. Ó ti rí i pé ẹni bíi tirẹ̀ lè sọ ọ́. Kó má sọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ẹnu àwọn àgbà nìkan ló ti gbọ́ ọ. Ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá jẹ́ àbúrò fún gbogbo ọmọ tó ti wà nínú ilé kó tó dé.

---

Tísà Mọ́pà

Ìyẹn ni. Mo tún fẹ́ sọ nǹkan kan nípa òwe, torí pé ìwé náà kò ní yà á kúrò lára àkànlò èdè. Tó bá wù ú láti pa òwe níwájú àwọn àgbà, kó kọ́kọ́ sọ pé "tótó, ó ṣe bí òwe." Wọ́n á dá a lóhùn pé "wàá rí òmíràn pa." Ìyẹn gan-an ló máa fi hàn pé ó mọ ibi tó dúró sí. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rín ìfẹ́ ni.

---

Ọmọ Yàgbà, Àbújá

Mo ti gba ẹ̀kọ́ tó wà nínú ti ọ̀fọ̀. Mo ṣì dúró lórí pé kí a má fi ẹ̀rù dá ẹni dúró ní ibòmíràn. Àti pé, ẹ gbàgbé ohun tó rọrùn jù, èyí tó jẹ́ tiwa gan-an. Kí obìnrin yẹn wulẹ̀ sọ "Okun o." Ẹ wo iye ohun tó ṣe: a fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a fi ń bá ẹni tí nǹkan ṣe kẹ́dùn, a sì fi ń dúpẹ́. Ó kárí ilẹ̀ wa, láti Kàbbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìyàrá. Orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo wa, Okun, ló ti ibẹ̀ wá. Ọmọ Ígálà tó bá sọ "Okun o" fún màmá, màmá máa mọ̀ pé ọmọ ilé ni.

---

Dírẹ́bà Ọ̀nà Lọ́kọ́jà

Ọmọ Yàgbà, èyí ni mo gbà. Ìgbà tí mo bá gbé èrò láti Lọ́kọ́jà, tí ẹnì kan bá kọsẹ̀ nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, "Okun o" ni gbogbo mọ́tò máa ń sọ. Ó lè jẹ́ Hausa ló wà níbẹ̀, òun náà á sọ ọ́.

Àmọ́ Tísà, mo ní ìbéèrè kan tó ṣì wà lọ́kàn mi. Bàbá ìjòyè kan ní ìlú wa ṣaláìsí, ìjòyè ńlá ni, kì í ṣe ọba. Wọ́n kọ "wàjà" sára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ṣé wọ́n ṣìṣe ni?

---

Tísà Mọ́pà

Èmi kò ní kọ ọ́. Wọ́n lè fẹ́ bọlá fún un, ó sì lè jẹ́ pé ìlú náà gbà á bẹ́ẹ̀ nítorí oyè rẹ̀. Àwọn ẹbí olóyè náà ló mọ̀ bóyá àwọn ará ààfin bínú sí i. Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹni tí kò sí nínú ẹbí, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa kọ ọ́.

---

Ìyá Ìjọ, Ẹ̀gbẹ̀

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, wọ́n á bínú.

---

Ọkọ Ọmọ Ígálà, Kàbbà

Ó ti tún un kọ, mo ní kó kà á sókè. Fún màmá àtàwọn ẹ̀gbọ́n mi: "Ẹ kú ara fẹ́ra kù, mà. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ̀yìn wọn á dára." Ó ní òun á fi "Okun o" ṣáájú. Ó sọ "wọn" láìjẹ́ pé mo rán an létí. Fún ilé aládùúgbò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ní "ẹ kú ọ̀fọ̀" nìkan lòun máa sọ, lẹ́yìn náà òun á jókòó tì wọ́n. Ó ń bi mí báyìí bóyá "afẹ́fẹ́ rere" túmọ̀ sí atẹ́gùn. Mo ní kó béèrè lọ́wọ́ màmá lẹ́yìn ìsìnkú.